Lẹ́tà ojú ewé kan tí mo kọ sí tíṣà ọmọ mi nípa wárápá

Ojú ẹgba mẹ́ta ni mo bá lẹ́yìn ọmọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń wẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, Pírámárì 3 ló wà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Oríkì ni, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Mo bi í pé ta ló nà án, ó ní àǹtí àwọn ni. Mo ní kí ló ṣe, ó ní òun ò mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé irọ́ ló ń pa, àfi ìgbà tí mo dé iléèwé lọ́jọ́ kejì tí àǹtí fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Ó ní òun pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó dìde wá kọ ìdáhùn sójú pátákó, kò dáhùn. Ó kàn ń fi bọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣeré, ó ń jẹ ẹnu bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú, ó sì ń wo òun korokoro. “Màmá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ̀yin náà rí i pé ìwọ̀sí ni?” Mo dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ há sí mi lọ́nà ọ̀fun. Mo mọ bọ́tìnnì yẹn. Mo mọ ẹnu tí ó ń jẹ yẹn. Wárápá ló mú ọmọ mi lójú gbogbo kíláàsì, wọ́n sì nà án sí i.

Tí mo bá ní kí n sọ òótọ́, ìdajì ẹ̀bi yẹn, tèmi ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní iléèwé tó kọ́kọ́ lọ, ó ṣubú nígbà tí wọ́n tò láàárọ̀, ẹnì kan sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí eyín iwájú rẹ̀ kan fi kán. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó jẹ́ bá a jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe mú un kúrò, tí mo sì pinnu pé níbi tuntun yìí, ẹnu mi á dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ló di ojú ẹgba.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó kọ lẹ́tà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gùn tó ojú ewé mẹ́rin. Gbogbo ohun tí dókítà ti sọ fún mi láti ọdún méjì ni mo kó sínú rẹ̀, títí kan àyẹ̀wò tí wọ́n fi wáyà lẹ̀ mọ́ ọn lórí láti ka iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Àǹtí gbà á, ó ní “ẹ ṣé, mà.” Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo rí i nínú ìwé orúkọ kíláàsì, bó ṣe wà ní kíká ló ṣì wà. N kò bínú sí i. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo padà sílé, mo sì bi ara mi pé ta ni yóò ka ìwé yìí, nígbà wo ni yóò sì kà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ni, tí ọmọ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ogójì ọmọ mìíràn ń ké. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìtàn. Nítorí náà mo kọ òmíràn sójú kan ìwé, pẹ̀lú bírò dúdú, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo ní kí wọ́n wé e ní ọ̀rá líle níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Òun nìyí:

“Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ o.

Wárápá ń ṣe Àbẹ̀kẹ́. Kì í ràn. Itọ́ tó ń hó lẹ́nu rẹ̀, itọ́ lásán tí atẹ́gùn pò pọ̀ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ a wà nínú rẹ̀ nítorí pé ó gé ahọ́n rẹ̀ jẹ. Ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà mú un. Kékeré rẹ̀ ni pé ó máa dákẹ́ lójijì, á máa fa bọ́tìnnì tàbí etí aṣọ, á máa jẹ ẹnu, ojú rẹ̀ á ṣí ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ yín. Kì í ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má dì í mú, ẹ má nà án. Bó bá dìde tó ń rìn, ẹ rọra darí rẹ̀ kúrò níbi àtẹ̀gùn àti kòtò. Bí iyè rẹ̀ bá ti padà sípò, ẹ tún ohun tí ẹ kọ́ wọn lásìkò yẹn sọ fún un, kò gbọ́ ọ rárá.

Ńlá rẹ̀ ni pé á ṣubú, ara rẹ̀ á le gbagidi, ètè rẹ̀ lè dúdú díẹ̀, lẹ́yìn náà apá àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú méjì kó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí.

Ẹ WO AAGO. Ẹ fi aṣọ tàbí báàgì sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ sún àga àti tábìlì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ MÁ KI NǸKAN KAN BỌ̀ Ọ́ LẸ́NU, ì báà ṣe ṣíbí, ọwọ́, omi tàbí oògùn. Kété tí ẹ bá ti lè ṣe é, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta. Ó lè tọ̀ sára. Ìró kékeré àti pátá mìíràn wà nínú báàgì rẹ̀, ẹ fi ìró náà bò ó.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró dè mí bó bá tó ÌṢẸ́JÚ MÁRÙN-ÚN tí kò tíì dáwọ́ dúró, bí òmíràn bá tún gbé e kó tó jí, bí kò bá mí dáadáa lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró, tàbí bó bá fara pa gidi. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ sì pè mí.

Bó bá jí, kò ní mọ ibi tó wà. Ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè rọ fún bí ìdajì wákàtí, yóò padà bọ̀ sípò. Kì í lo oògùn kankan níléèwé, ilé ló ti ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi, ìyá rẹ̀.”

Nọ́ńbà fóònù mi àti ti bàbá rẹ̀ ni mo kọ sísàlẹ̀, àti ti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ iléèwé jù, nítorí pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbà á, kì í ṣe ibi tó ti ń gba oògùn ní òdìkejì ìlú.

Ẹ ó rí i pé ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ọ̀rọ̀ wárápá ṣe rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: kì í ṣe pé àwọn èèyàn kì í ṣe nǹkan, wọ́n ń ṣe jù ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ṣíbí. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé ọmọ náà á gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Ahọ́n kò ṣe é gbé mì, ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Ó lè gé e jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín ìṣẹ́jú àáyá tí ara kọ́kọ́ le ni ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rí ṣíbí rárá. Ahọ́n tó gé sì máa ń jinná. Eyín tó kán kì í hù mọ́ tó bá jẹ́ eyín àgbà, ègé rẹ̀ sì lè bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ dídì mọ́lẹ̀: iṣan tó ń gbọ̀n kò mọ̀ pé ẹnì kan di òun mú, agbára tí ẹ fi ń tẹ apá rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ léjìká.

Èyí tó tún burú jù, n kò kọ ọ́ sínú lẹ́tà nítorí àyè, ṣùgbọ́n mo fẹnu sọ ọ́ fún àǹtí. Àgbo ìtọ̀ màlúù ni mò ń wí. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ṣì ń sè é fún àwọn ọmọ tí gìrì tàbí wárápá ń mú: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, áyù, efinrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti rí ohun tó ń ṣe fọ́mọ láti ìgbà pípẹ́. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọmọ á dákú, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ a sì máa fa gìrì mìíràn. Àwọn ará ilé á wá sọ pé àìsàn náà ti le sí i.

Àǹtí bi mí ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ràn. Ó ní, “Màmá, ṣé ọmọ yín nìkan ni? Mo ti ń kọ́ọ̀yàn láti ọdún mọ́kànlá, n kò rí irú rẹ̀ rí.” Mo ní ó ti rí i, bóyá nínú kékeré rẹ̀, tó nà wọ́n. Ìwádìí kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ìgbò-Ọrà, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1987. Wọ́n rí i pé nínú 1000 èèyàn níbẹ̀, bí márùn-ún ní wárápá. Ẹ fi ìyẹn wo iléèwé tí ọmọ 600 wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe bí mo ṣe ṣe, wọ́n dákẹ́. Àǹtí kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló dárúkọ ọmọkùnrin kan tó ti kọ́ rí, ó ní ó máa ń “rìn lọ” bí ẹni tó ń lálàá.

Ọjọ́ Ajé kan ni lẹ́tà náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bí oṣù méjì lẹ́yìn tí mo fún un. N kò sí níbẹ̀, bí àǹtí ṣe rò ó fún mi ni mo ṣe ń rò ó yìí. Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ń ṣe ìṣirò. Ó rí i tí Àbẹ̀kẹ́ di bọ́tìnnì kejì mú, tó ń fà á. Ó ní ara òun bù máṣọ. Ó fa lẹ́tà yọ lára ògiri níbi tó fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó sì tó débẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà ti ń ta pìtì pìtì, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó wo aago: mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kí mọ́nítọ̀ kó àwọn ọmọ síta. Ó fi báàgì ẹnì kan sábẹ́ orí rẹ̀.

Tíṣà ọkùnrin kan sáré wọlé láti kíláàsì kejì, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá olóúnjẹ náà dé, tòun ti ṣíbí onírin lọ́wọ́ àti àlùbọ́sà tó ti gé sí méjì tó fẹ́ fún sí i lójú. Àǹtí ní òun ò mọ bí òun ṣe ṣe é, òun kàn na lẹ́tà náà síwájú wọn bí ẹni tó fẹ́ lé ẹyẹ: “Ẹ fi í sílẹ̀! Ìyá ẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ má ṣe é!” Ìyá olóúnjẹ ní ṣé ìwé ló ń wo àìsàn ni. Ṣùgbọ́n kò ki ṣíbí bọ ẹnu. Ó wá ń fọhùn ṣàdúrà, àǹtí sì jẹ́ kó máa ṣe é, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún àti díẹ̀ ni. “Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, mo rò pé ó ti tó ìdajì wákàtí. Ká ní n kò wo aago ni, à bá ti gbé e jù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.” Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó lè fojú díwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí ọmọ ń jà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ń pè ní mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún gan-an ni ààlà: èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀ kì í sábà dúró fúnra rẹ̀ mọ́, oògùn ilé ìwòsàn ló ń dá a dúró.

Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ o. Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe lajú, àánú ṣe ẹnì kan, ó já omi píọ́ wọ́tà, ó sì fún un lẹ́nu. Ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, omi tú jáde nímú. Mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má fún un ní omi, ṣùgbọ́n lójú wọn, àsìkò tó ń gbọ̀n nìkan ni mo ń sọ. Wọ́n rí i tó lajú, wọ́n ní ó ti jí. Lílajú yàtọ̀ sí jíjí. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìdajì wákàtí, ọ̀fun rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń gbé nǹkan mì dáadáa.

Àṣìṣe kejì jẹ́ tèmi. Ìdí tí wárápá fi gbé e lọ́jọ́ náà ni mò ń sọ. Láti bí oṣù mẹ́rin kò tíì gbé e ṣubú. Oògùn tó ń lò, kabamasẹpíìnì mílígíráàmù 200 láàárọ̀ àti 200 lálẹ́, ń ṣiṣẹ́ fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ yẹn a lọ síbi òkú ní Ìṣẹ́yìn. Ijó kò jẹ́ kí ọmọ sùn títí di aago méjì òru, mo sì gbàgbé oògùn sórí fíríìjì nílé. Kò lo ti alẹ́ Sátidé, kò lo ti Sọ́ńdè méjèèjì, a dé Ìbàdàn ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ Mọ́ńdè, mo kàn wọṣọ iléèwé fún un, ó lọ. Àìsùn àti oògùn tó já, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní mo tẹ àǹtí láago láàárọ̀ yẹn, kò ní gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kọ́ńkéré tó jókòó sí.

Àǹtí kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà kó tó gbàgbé, mo sì gbé e lọ fún dókítà bó ṣe wà. Bírò pupa ló fi kọ ọ́: “Bọ́tìnnì. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbọ̀n. 11:20 sí 11:22. Kò tọ̀. Ó sùn di 12:05. Ọwọ́ ọ̀tún rọ díẹ̀.” Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún tó kọ́kọ́ gbọ̀n, tó sì tún rọ lẹ́yìn rẹ̀, ń sọ fún òun pé apá òsì ọpọlọ ni iná náà ti ń tàn, ó bá ohun tí àyẹ̀wò oníwáyà fi hàn mu. Mo rò pé yóò fi kún oògùn. Kò fi kún un. Ó ní oògùn kò kùnà, a kò lò ó ni. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe fi méjì pọ̀ láti dí èyí tó já.

Nílé ni mo tún lẹ́tà náà kọ. Ìlà mẹ́ta ló yí padà. Níbi omi, mo kọ ọ́ pé: “Ẹ má fún un lómi tàbí oúnjẹ títí yóò fi lè sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí òní jẹ́, kó sì jókòó fúnra rẹ̀.” Mo fi kún un pé: “Bó bá já oògùn tàbí tí kò sùn, màá pè yín kí agogo àárọ̀ tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé e sáàárín kíláàsì níbi tí kò sí igun, kó má gun nǹkan.” Ẹ̀kẹta wáyé nítorí àgùnbánirọ̀ tó di kíláàsì náà mú nígbà tí àǹtí gba ìsinmi ìbímọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan, torí pé àǹtí ti ká lẹ́tà náà sínú báàgì ara rẹ̀ nítorí kó má sọnù. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin báyìí: ti ara ògiri, ti ọ̀gá iléèwé, ti ìyá olóúnjẹ, àti èyí tó wà nínú báàgì Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ìró rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ẹ̀dà inú báàgì ni pé: “Ẹnikẹ́ni tó bá wà pẹ̀lú ọmọ yìí lónìí, ẹ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.”